Awakọ̀ Tí Ó Wọ Abẹ́ Ọkọ̀ Àna Mi

Ìyàwó mi kì í gbàgbé ìlérí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tí òun náà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo sọ fún un lábẹ́ igi máńgòrò kan pé lọ́jọ́ kan, yóò jókòó níwájú ọkọ̀ mi, yóò gbé ìgúnpá lé ojú fèrèsé, a ó sì jọ máa lọ sí Ìlúà, ìlú rẹ̀, kí gbogbo àwọn tó ń sọ pé olùkọ́ kì í ní láárí lè fi ojú ara wọn rí wa. Ó rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo rò pé ẹ̀rín yẹn ló fi parí ọ̀rọ̀. Èmi ni n kò tíì mọ ìwà obìnrin.

Mo mú ìlérí náà ṣẹ lẹ́ẹ̀kan rí, bí èèyàn bá lè pe ìyẹn ní mímúṣẹ. Ọwọ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ni mo ti ra ọkọ̀ ọ̀hún, nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Mẹkáníìkì tí ẹni tó fẹ́ tà á fúnra rẹ̀ mú wá ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí lẹ ó fi gbé ọmọ yín lọ sílé ọkọ." Ọmọ mi obìnrin kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ẹ́ńjìnnì náà fi kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Òkèehò. Okùn ni wọ́n fi fà wá wálé. Ọkọ̀ náà wà lẹ́yìn ilé wa fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Àwọn adìyẹ wọ inú rẹ̀, orí àga iwájú gan-an, níbi tí ìyàwó mi ìbá jókòó sí, ni wọ́n sì ń yé sí. N kò ní purọ́, ẹyin ibẹ̀ dùn.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tó wà nílẹ̀ nígbà tí owó àjẹmọ́nú ìfẹ̀yìntì mi dé nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, lẹ́yìn tí mo ti gbàgbé pé ìjọba jẹ mí ní nǹkan kan. Ìyá àwọn ọmọ mi kò lè gun ọ̀kadà mọ́ nítorí orúnkún. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kù ní Ìlúà ti ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan, a kì í sì í tètè débẹ̀. Owó náà tó ra ọkọ̀ àlòkù kan tó ṣe é mú lọ. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò rà á. Bí a bá fi ṣòfò, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, àyàfi ẹyin adìyẹ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kò tíì tutù lẹ́nu wa tí àna mi ní Ṣakí fi pè mí lórí fóònù. Bàbá ìyàwó àkọ́bí mi ọkùnrin ni, Àlàájì, oníṣòwò iṣu àti kaṣú, ẹni tí ohùn rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í gbé fóònù sétí bí òun bá ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù, òun sì fẹ́ ta ọkọ̀ kékeré tí òun ń gùn.

"Àna mi, ẹ kò gbọdọ̀ ra ọkọ̀ lọ́wọ́ àjèjì nígbà tí mo wà láyé! Mẹkáníìkì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ó ní kò sóhun tó ṣe é."

Iye tó dá lé e kéré sí ti ọjà. Inú mi dùn dé ibi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣúfèé nínú ilé, èyí tí bàbá mi kò jẹ́ gbà fún mi nígbà ayé rẹ̀. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbé ojú sókè.

"Ta ni yóò bá wa yẹ ọkọ̀ náà wò?"

"Yẹ kí ni wò? Ọkọ̀ àna wa?"

"Bàbá wọn, ọkọ̀ kò mọ àna."

"Mẹkáníìkì Àlàájì ti wò ó."

"Mẹkáníìkì Àlàájì." Ó ju òkúta wẹ́ẹ́rẹ́ kan sẹ́yìn. "Ṣé ilé adìyẹ mìíràn lẹ tún fẹ́ rà fún mi ni?"

Kò yé e bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lára mi ni, mo rò bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwa la gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ ìdána, mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ará ilé mi níwájú ọkùnrin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé ó fi ọdún méjì jù mí lọ. Ẹni tó fún ọ lọ́mọ, tó tún fẹ́ ta ọkọ̀ fún ọ ní ẹ̀dínwó, ṣé o wá lè mú mẹkáníìkì lọ sí àgbàlá rẹ̀ kó máa tú u wò bí ẹni ń wá ẹrù olè? Bí wọ́n ti tọ́ wa ní Òkè-Ògùn nìyẹn. A kì í ná ọjà àna, áńbọ̀sìbọ́sí pé a ó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyàwó mi ló wá ọgbọ́n sí i. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran ní ọ̀nà jíjìn mọ́, èyí sì jẹ́ òótọ́. A nílò ẹni tí yóò wa ọkọ̀ náà wá láti Ṣakí. "Bí awakọ̀ wa bá wá mọ nǹkan nípa ẹ́ńjìnnì," ó ní, "ta ló máa bá wa wí?"

Bí mo ṣe lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ nìyẹn. Ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n funfun díẹ̀ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Ìsẹ́yìn, ìlú tí à ń gbé, ní tòsí àwọn tó ń hun aṣọ òkè, níbi tí ìró òfì ti ń ta ko ti òòlù láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tó wà ní kíláàsì mi, ó tú aago ilé-ẹ̀kọ́ palẹ̀ láti mọ ohun tó ń jẹ́ kó dún. Mo nà án dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ó tò ó padà, aago náà tó máa ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì falẹ̀ mọ́. Mo ti ń kábàámọ̀ ẹgba yẹn láti bí ogójì ọdún.

Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá dá owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó náà kò tó ra táyà tuntun kan.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí. Bí ọkọ̀ náà bá dára, owó mi nìyẹn. Bí kò bá dára, tí ẹ kò rà á, owó mi náà nìyẹn."

"Bí a kò bá rà á ńkọ́? Kí la wá ń san owó fún?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìṣirò, sà. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá rà á nìkan ni n ó rí nǹkan gbà, ṣé mo wá lè sọ fún yín pé kí ẹ má rà á? Ẹni tó ń tà á kò gbọdọ̀ fún mi ní kọ́bọ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe tan ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí a bá ń bọ̀. Tútù ni mo fẹ́ bá a."

Mo pe Àlàájì, mo sọ fún un pé a ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ. Ẹnu mi kò gbà á láti pàṣẹ fún àna mi nípa ọkọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Ọkọ̀ èrò la wọ̀. Awakọ̀ wa gbé jàlàbíà funfun wọ̀, ó wọ fìlà, ó gbé báàgì dúdú kan sórí ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé ó fẹ́ lọ ṣe wáàsí ni. Ọyẹ́ ti ń fẹ́, koríko ti gbẹ lẹ́bàá ọ̀nà, igi ẹmi dúró káàkiri nínú oko bí àgbà tí wọn kò pè sí ìpàdé. Ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn èrò, ó ń fọwọ́ pa orúnkún, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín sí mi nígbàkúùgbà tí mo bá bojú wẹ̀yìn.

Àlàájì ti dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó gbá mi mú lápá. "Ẹ dìde, ẹ dìde! Ta ló fẹ́ bá yín wá ìṣègùn ẹ̀yìn?" Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ náà ń dán gbinrin. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi epo pa táyà rẹ̀ lára.

Awakọ̀ wa kí wọn tán, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fà á kúrò kíá.

"Ó gbóná," ó sọ sí mi létí.

"Mo ní kí wọ́n tan án kalẹ̀ dè yín ni!" Àlàájì ti gbọ́, kò sì rí àbùkù kankan níbẹ̀. "Àlejò pàtàkì kì í bá ọkọ̀ tútù!"

Ohun tó ṣe láti fi bu ọlá fún wa gan-an ló ń di iṣẹ́ wa lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná a máa bo àṣírí ara rẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà. Ó máa ń tètè tan, èéfín rẹ̀ sì máa ń mọ́. Bí rédíétọ̀ bá sì gbóná, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i yóò fi ojú gba omi gbígbóná. Mo ń rò ó bí n ó ṣe sọ pé ká dúró. Bí mo ti ń rò ó lọ́wọ́ ni wọ́n pe ìrun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó dé mọ́sálásí. A lọ kírun, a gbọ́ ìwàásù, ìmáàmù wọn kò sì yára rárá lọ́jọ́ yẹn. A padà dé, ìyàwó Àlàájì gbé iyán kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ní ìgbín. Iyán Òkè-Ògùn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kánjú jẹ. Nígbà tí a fi jẹun tán, tí a fọwọ́, tí a sinmi, ọkọ̀ náà ti tutù bí ìkòkò àmù.

Àlàájì wọlé lọ mú àwọn ìwé ọkọ̀ wá. Bí ó ti wọlé, awakọ̀ wa bọ́ jàlàbíà. Aṣọ iṣẹ́ tó dúdú fún epo ló wọ̀ sábẹ́ rẹ̀! Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ìyàwó mi dúró ṣọ́nà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń bá ìyàwó Àlàájì sọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí kíkankíkan kó má bàa jáde. Èmi dúró gbagidi níwájú ọkọ̀, mo tan agbádá mi kalẹ̀ bí aṣọ ìkélé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn gùn. Nígbà tí Àlàájì jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ohun tó kọ́kọ́ rí ni bàtà méjì tó yọ lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Àna mi," ó wá sọ, "irú awakọ̀ wo rèé? Ṣé abẹ́ ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ní Ìsẹ́yìn?"

Kò sí irọ́ tó lè gbà mí. Mo jẹ́wọ́. Mo ní mẹkáníìkì ni, mo ní kì í ṣe pé mo fura sí wọn, mo ní owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ní èkejì. Mo sọ ọ̀rọ̀ adìyẹ pẹ̀lú. Mo ti ń kúnlẹ̀ lọ láti tọrọ àforíjì nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí àrá bá sán. Àlàájì ń rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Ẹ rántí ọkùnrin kan tó wá ra aṣọ òkè ládùúgbò yín, kó tó di pé a fún yín lọ́mọ? Ọkùnrin kúkúrú, tó ń fi ojú kan ṣẹ́jú?"

Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ méjì ló fi wà ní ọ̀dọ̀ ahunṣọ tó múlé tì wá. Ó ń bi í nípa gbogbo èèyàn, kò sì ra ju fìlà kan lọ. Ahunṣọ náà sọ fún mi pé òun kò rí oníbàárà tó ń sọ̀rọ̀ tó báyìí rí.

"Èmi ni mo rán an!" Àlàájì fọwọ́ lu àyà. "Ṣé ẹ rò pé mo kàn ní kí ọmọ mi máa lọ ni? Mo ní kó wádìí ìdílé yín fún mi. Bóyá àìsàn wà ńbẹ̀, bóyá ẹ máa ń ja ìjà, bóyá ẹ jẹ gbèsè. Mo tún kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bi ẹbí yín léèrè o! Ẹbí wo ló máa ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́? Aládùúgbò ni kó bi. Mo sì fún un lówó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, kó tó mọ ohun tó máa rí."

"Kí ló wá sọ?" ìyàwó mi bèèrè. Ó ti dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ó ní ẹ kò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ níwà. Ó ní ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé yín tí adìyẹ ń gbé."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, títí kan bàtà méjì tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù fún ọ̀sẹ̀ kan, òun ni àna mi ti ṣe fún mi ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, láìbínú, láìtijú. Lẹ́yìn ìwádìí ló fún wa lọ́mọ, ìgbéyàwó náà sì dára. Èmi wá ń tijú ìwádìí nítorí irin.

Láti ìgbà náà, Àlàájì fúnra rẹ̀ ló ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi fi máńgínẹ́ẹ̀tì kékeré kan yí ara ọkọ̀ ká. Níbi tí wọ́n bá ti fi pọ́tì dí ihò, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ó lẹ̀ níbi gbogbo, ó ní ọkọ̀ yìí kò forí sọ nǹkan rí. Abẹ́ rẹ̀ gbẹ, kò jo epo. Inú Àlàájì dùn, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó yí inú rẹ̀ sókè. Nǹkan pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kan lẹ̀ mọ́ ọn, bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n bu mílíìkì sí.

"Omi ti dé inú ọ́ìlì," ó ní.

Ó ṣí rédíétọ̀. Omi ti lọ sílẹ̀, kò sì sí oògùn tí kì í jẹ́ kó tètè hó nínú rẹ̀, omi kànga lásán ni. Ó ní kí n tan ọkọ̀. Èéfín funfun jáde lẹ́yìn, kò sì tètè lọ. Ó pè wá ká wá wo ẹnu rédíétọ̀. Omi náà ṣì tutù, ṣùgbọ́n ó ń ta bí ìkòkò tó ń hó.

"Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ ti bẹ́. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba ibi èéfín jáde ló ń wọ inú omi yìí. Wọ́n tún ti yọ tẹmosítààtì rẹ̀ dànù, ìyẹn irin kékeré tó ń ṣàkóso ìgbóná omi, kó má bàa tètè gbóná. Láàárín ìlú, kò ní hàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e, tí ẹ ní ẹ ń lọ sí Ìsẹ́yìn, ẹ kò ní dé ìdajì ọ̀nà tí yóò fi gbóná kọjá ààlà, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú."

A gbé e jáde díẹ̀ sójú ọ̀nà Àgọ́-Àmọ̀dù. Jíà rẹ̀ ń wọlé wẹ́rẹ́, búréèkì rẹ̀ mú. Bí a ti ń gun òkè kan báyìí, ọwọ́ aago ìgbóná bẹ̀rẹ̀ sí í dìde díẹ̀díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi pa á kíá, ó jẹ́ kó tutù, a rọra padà.

Ojú Àlàájì ti le. Kì í ṣe sí wa. "Ọdún yìí nìkan, mo ti ra rédíétọ̀," ó ní. "Mo ti ra fáànù. Mo ti ra pọ́ǹpù omi. Gbogbo ìgbà tó bá gbóná, mẹkáníìkì mi á ní kí n ra nǹkan kan." Ó pe ọkùnrin náà lórí fóònù. A kò gbọ́ èsì rẹ̀, ti Àlàájì nìkan là ń gbọ́, mo rò pé gbogbo Ṣakí pẹ̀lú gbọ́ ọ. "Gásíkẹ́ẹ̀tì, o gbọ́? Gás-í-kẹ́ẹ̀-tì! ... Kí ló dé tí o kò sọ? ... O kò mọ̀ ọ́n ni, àbí o mọ̀ ọ́n?" Ó pa fóònù. Ó bojú wo akẹ́kọ̀ọ́ mi. "Eélòó ni àtúnṣe rẹ̀?"

Akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ iye rẹ̀: gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, fífi ẹ̀rọ bo orí ẹ́ńjìnnì kó tún tẹ́, tẹmosítààtì, ọ́ìlì, oògùn omi. Ó ní kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá kú pátápátá, òmíràn yóò sún mọ́ ìdajì rẹ̀. Ìyàwó mi yíjú sí mi. Ó ṣe ẹnu rẹ̀ ṣọ́ńṣọ́ bí ẹnu adìyẹ.

"Èmi ni n ó san án," Àlàájì ní. "N kò lè ta ohun tó ń ṣàìsàn fún àna mi. Ìwọ ni kó o tún un ṣe. Mẹkáníìkì mi kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tí mo bá sì fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù mi, ìwọ yìí náà ni n ó mú lọ, n ó sì sanwó fún ọ kó o tó sọ̀rọ̀."

Akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ tún un ṣe ní Ṣakí, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà la sì padà síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Àlàájì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sára bébà kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan án. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tan án ní tútù. Kò sí èéfín. Omi rédíétọ̀ dúró jẹ́ẹ́. A gun òkè ọ̀nà Àgọ́-Àmọ̀dù lọ, a gùn ún bọ̀, ọwọ́ aago náà kò kúrò lágbedeméjì. Ìgbà yẹn ni mo tó fi owó ránṣẹ́ láti báńkì.

Ní ọ̀nà àbọ̀, a kò lọ tààrà sí Ìsẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ló wa ọkọ̀, èmi bọ́ sẹ́yìn, ìyàwó mi jókòó síwájú. Ó yí gíláàsì sílẹ̀, ó gbé ìgúnpá lé ojú fèrèsé. Ìgúnpá náà ti hunjọ, tèmi náà ti hunjọ. Ọyẹ́ ń da eruku sí wa lójú, kò sì jẹ́ ká yí gíláàsì náà sókè títí a fi dé Ìlúà. Níwájú ilé bàbá rẹ̀, kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ kí àwọn èèyàn lè kọjá, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n kí i, kó dá wọn lóhùn láti orí àga. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó dàgbà jù jáde, ó ní, "Ìyàwó Tíṣà, ṣé ẹsẹ̀ rẹ ti lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ni?"

"Ẹ jẹ́ n jókòó," ó dáhùn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bọ̀."

Bí a ti wọ ọkọ̀ láti padà, adìyẹ abíyẹ kan fò sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń yọjú wo inú ọkọ̀ láti ojú gíláàsì. Kí n tó ṣí ẹnu, ìyàwó mi ti na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé.

"Ṣíọ̀! Èyí kì í ṣe tiyín."